Nọ́ńbà Ọrùn Aṣọ Kì í Ṣe Ìwọ̀n

Ẹ ṣí WhatsApp ẹnikẹ́ni tó ń ta aṣọ ní Mówè, ní Ìbàfò tàbí ní Ìfọ̀, irú ìkéde kan náà lẹ máa rí níbẹ̀: àwòrán gáùn, iye owó rẹ̀, "sáìsì 12 sí 16 wà ńlẹ̀", àti gbólóhùn tó ń pa ẹjọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀: "Owó ṣáájú, kò sí ìdápadà." Àwa oníbàárà ti gba ìkéde yìí bí ẹni ń ṣe àmín sí àdúrà. À ń fi owó ránṣẹ́, à ń san owó ọlọ́kadà tó gbé ọjà wá, aṣọ á dé, kò ní kọjá ìdí. Bí a bá pe olùtajà, á ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé 14 lẹ̀ ń wọ̀? 14 náà ni mo fi ránṣẹ́." Ohun tó ń bí wa nínú jù ni pé kò purọ́. 14 ni wọ́n kọ sí i lọ́rùn lóòótọ́.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Nọ́ńbà tó wà lọ́rùn aṣọ kì í ṣe ìwọ̀n. Inú òkùnkùn ni ẹni tó ń fi í tajà wà, inú òkùnkùn náà ni ẹni tó ń fi í rajà wà, ṣùgbọ́n ẹni tó rajà nìkan ló ń san owó òkùnkùn náà. A kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó wa lórí fóònù, kó na téèpù sí aṣọ náà, kó sì kọ íǹṣì rẹ̀ sábẹ́ àwòrán.

Iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà là ń ṣe. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá ka gbogbo nǹkan tí a fi nọ́ńbà kọ sí iye, yóò kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe iye. Ẹ kò lè fi tiwa kún tiyín kó di nǹkan. Nọ́ńbà ilé kì í ṣe iye. Ilé kejìlá ní àdúgbò kan ní Ìbàfò kò tóbi ju ilé kẹwàá lọ. Orúkọ ni wọ́n, wọ́n kàn wọ aṣọ nọ́ńbà ni. Kí nọ́ńbà tó lè di ìwọ̀n, ohun tí a fi ń wọ̀n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: íǹṣì, kílò, lítà. Kí ni ó tẹ̀ lé 14 tó wà lọ́rùn gáùn? 14 kí ni? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn, torí kò sí ìdáhùn níbẹ̀.

Àwọn télọ̀ wa mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Kò sẹ́ni tó máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ìfọ̀ kó ní, "Ẹ bá mi rán sáìsì 14." Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, á wò yín lójú, á fa téèpù yọ lọ́rùn ara rẹ̀, á ní kí ẹ dìde dúró. Á wọn èjìká, á wọn àyà, á wọn ìbàdí, á wọn ìdí, á kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn ìyá wa tí kò fẹ́ télọ̀ lọ́rùn ń ró ìró, wọ́n ń wọ bùbá tó ní àyè. Ìró kò ní sáìsì torí ara tó bá ró o ló ń pinnu ibi tó máa dé. Láti ilé àwọn tó ń rán aṣọ fún èèyàn tí wọn kò rí rí ni nọ́ńbà ọrùn aṣọ ti wọlé tọ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1939 sí 1940, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ rán àwọn èèyàn jáde láti wọn ara àwọn obìnrin. Ruth O'Brien àti William Shelton ló darí iṣẹ́ náà. Ó tó nǹkan bí 15,000 obìnrin tí wọ́n wọ̀n, ibi 59 lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1941. Àwọn obìnrin tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, wọn kò lo ìwọ̀n wọn rárá. Torí náà, láti ìpìlẹ̀, kò sí ìdí àwọn ìyá wa nínú ìṣirò náà.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń fi ìwé kátálọ́ọ̀gù tajà ní Amẹ́ríkà ló tọ ìjọba lọ pé kí wọ́n fi ìwọ̀n yẹn ṣe ìlànà kan ṣoṣo fún gbogbo ilé-iṣẹ́. Ẹ kíyè sí irú ẹni tó béèrè. Kì í ṣe oníbàárà. Olùtajà ni, ẹni tó ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí ilé èèyàn láìrí wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ti WhatsApp wa ṣe ń ṣe lónìí. Kí ló dé tí wọ́n fi béèrè? Torí aṣọ tí kò bá bá ara mu ń padà wá bá wọn ni, owó ara wọn ló sì ń jóná. Ìlànà náà jáde ní 1958, wọ́n pè é ní CS 215-58. Ṣùgbọ́n kò di dandan fún ẹnikẹ́ni, ilé-iṣẹ́ aṣọ ń yà kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì di 1983, ìjọba pa á tì pátápátá. Láti ìgbà náà, kálukú ń ṣe tirẹ̀.

Báwo ni tirẹ̀ ṣe rí? Ẹ wo obìnrin tí àyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 32. Nínú kátálọ́ọ̀gù Sears ti 1937, gáùn tó wà fún àyà yẹn ń jẹ́ sáìsì 14. Ní 1967, àyà kan náà ti di sáìsì 8. Ní 2011, ó ti di òdo. Íǹṣì 32 kò yí padà rí. Orúkọ ló ń yí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ń gbà yí: ó ń lọ sílẹ̀.

Ìdí tó fi ń lọ sílẹ̀ ni pé wọ́n ń pọ́n wa ni. Bí gáùn méjì bá gba ara kan náà, tí ọ̀kan ń jẹ́ 10, tí èkejì ń jẹ́ 14, èyí tó ń jẹ́ 10 ni ọ̀pọ̀ èèyàn á fi ayọ̀ gbé lọ, torí ó ń sọ fún wọn pé wọn kò tíì sanra. Ilé-iṣẹ́ kan á kọ́kọ́ dín nọ́ńbà rẹ̀ kù. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á rí i pé oníbàárà òun ń sá lọ, á dín tirẹ̀ náà kù. Bí wọ́n ṣe ń sáré sísàlẹ̀ nìyẹn títí wọ́n fi kan òdo.

Kí ọkùnrin má rẹ́rìn-ín. Ṣòkòtò ọkùnrin ní íǹṣì lára, "36" tí wọ́n kọ sí i yẹ kó jẹ́ íǹṣì 36 ní ìbàdí. Ní 2010, oníròyìn kan fún ìwé ìròyìn Esquire lọ wọn àwọn ṣòkòtò tí wọ́n kọ 36 sí. Ti H&M jẹ́ 37, ti Old Navy jẹ́ 41. Ti obìnrin, a lè ní orúkọ lásán ni. Ti ọkùnrin, wọ́n dárúkọ íǹṣì, wọ́n sì fi márùn-ún lé e.

A kò ní sọ pé gbogbo ìyàtọ̀ ló jẹ́ ìpọ́nni. Ilé-iṣẹ́ aṣọ máa ń yan obìnrin kan tí wọ́n á gé aṣọ àkọ́kọ́ sí ara rẹ̀. Bí aṣọ náà bá ti bá a mu, wọ́n á fi íǹṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un fún sáìsì tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún fi kún un fún èyí tó tún tẹ̀ lé e. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ fún àwọn ọmọ ogún ọdún á yan ẹni tí ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́; èyí tó ń ṣe aṣọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta á yan ẹlòmíràn. Kò sí èké nínú ti àwọn méjèèjì, síbẹ̀ 14 wọn kò ní jọra láéláé. Èyí gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa dúró dáadáa: yálà wọ́n ń pọ́n wa tàbí wọn kò pọ́n wa, nọ́ńbà náà kò lè sọ ohun tí a fẹ́ mọ̀.

Ní ìlú òyìnbó, ìpalára rẹ̀ ní ààlà. Ẹni tó mọ ilé ìtajà kan dáadáa á mọ nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀, bí kò bá sì bá a mu, á dá a padà. Ní ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Òkìrìkà ni púpọ̀ nínú ohun tí à ń wọ̀. Orí àtẹ kan ṣoṣo ní Ìfọ̀ ni aṣọ Bìrìtéènì, ti Amẹ́ríkà, ti Jámánì àti ti Ítálì ti ń pàdé, látinú béélì kan náà. Obìnrin tó ń wọ 12 ní Bìrìtéènì, 8 ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, 40 ní Faransé, 38 ní Jámánì, 44 ní Ítálì. Bí ẹ bá wá rí 12 lórí àtẹ, 12 ti ìlú wo ni? 12 ti Amẹ́ríkà jẹ́ 16 fún àwọn ará Bìrìtéènì. Ẹ fi kún un pé àwọn aṣọ náà kò dàgbà pọ̀, òmíràn ti pé ogún ọdún, nígbà tí nọ́ńbà kò tíì lọ sílẹ̀ tó báyìí. Wọ́n sì ti fọ̀ wọ́n láìmọye ìgbà. Òwú á ti sún kì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni aṣọ tuntun láti Ṣáínà wà, tí XL rẹ̀ kì í sábà gba ẹni tó ń wọ L níbòmíràn. Ìpọ́nni tí wọ́n ṣe fún obìnrin kan ní Amẹ́ríkà dé Ìbàfò, kò pọ́n ẹnikẹ́ni mọ́, ó kàn ń da orí wa rú ni.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é kó yé wa. Ká ní arábìnrin kan wà ní Mówè, àyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 38, ìbàdí rẹ̀ 31, ìdí rẹ̀ 41. Ó ní gáùn Bìrìtéènì kan tó bá a mu, 14 ni wọ́n kọ sí i, torí náà ó ti gbà pé "14 ni mí". Gáùn mẹ́ta wà níwájú rẹ̀, aṣọ wọn kì í fà. Méjì ń jẹ́ 14, ọ̀kan ń jẹ́ 12. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ló ń tẹ̀ lé, ti 12 á kọ́kọ́ ṣubú, á sì máa yan ọ̀kan nínú ti 14 nítorí àwọ̀.

Ṣùgbọ́n ká ní ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, tí ó di bọ́tìnì àti síìpù wọn, tí ó fi ọwọ́ tẹ́ wọn kó má ká, kò sì fà wọ́n. Á wọn gáùn láti abíyá kan dé èkejì, ìyẹn ni àyà. Á wọn ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ìyẹn ni ìbàdí. Á wọn ibi tó fẹ̀ jù nísàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ni ìdí. Gbogbo rẹ̀ á ní ìlọ́po méjì, torí ẹ̀gbẹ́ iwájú nìkan ló wọ̀n. Gáùn 14 àkọ́kọ́ fún un ní 20, 16 àbọ̀ àti 21 àbọ̀. Ní ìlọ́po méjì, 40, 33, 43. Gáùn 14 kejì fún un ní 19, 15 àbọ̀ àti 20. Ìyẹn ni 38, 31, 40. Ti 12 fún un ní 21, 17 àbọ̀ àti 23; ìyẹn ni 42, 35, 46.

Ó kù kó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú aṣọ. Gáùn àkọ́kọ́ fi íǹṣì méjì ju ara rẹ̀ lọ níbi gbogbo. Íǹṣì méjì yẹn ni àyè tí èèyàn fi ń mí, tí a fi ń jókòó nínú bọ́ọ̀sì, tí a fi ń jẹ ìrẹsì òde. Èyí ni kó rà. Gáùn kejì bá àyà àti ìbàdí rẹ̀ dọ́gba géérégé, kò sí àyè mímí, ó sì fi íǹṣì kan kéré ní ìdí. Kò ní wọ̀ ọ́ láéláé, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ 14. Gáùn tó ń jẹ́ 12 ló tóbi jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fi mẹ́rin ju àyà lọ, ó fi márùn-ún ju ìdí lọ. Bó bá wù ú, télọ̀ lè gbá a wọlé. Ẹ wo bí nọ́ńbà ṣe fẹ́ tì í síta nínú aṣọ tó lè wọ̀, tó sì ń fà á lọ sí èyí tí kò lè wọ̀.

Bí aṣọ bá ń fà, ìṣirò á yàtọ̀. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lè bá ara dọ́gba, ó tilẹ̀ lè kéré sí i díẹ̀. Kí olùtajà sọ ọ́ pé ó ń fà, kó sì wọ̀n ọ́n láìfà á.

A mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ: "Kí télọ̀ tún un ṣe, ṣé ìyẹn náà le ni?" Ó le. Télọ̀ lè dín aṣọ kù, ṣùgbọ́n kò lè fi ohun tí kò sí kún un. Ẹ yí inú òkìrìkà síta, ẹ wo ojú rírán rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ á ti wíífù etí rẹ̀, wọ́n á ti gé ìyókù dànù, ohun tó ṣẹ́ kù lè má tó ìdajì íǹṣì. Bí télọ̀ bá tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bóyá ló máa rí íǹṣì kan fún yín. Télọ̀ ìyá yín ń fi àyè sílẹ̀ nínú bùbá torí ó mọ̀ pé ara ń yí padà. Ilé-iṣẹ́ kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Kódà bó bá ṣeé ṣe, ta ló ń san owó télọ̀ náà? Àwa ni.

Wọ́n á tún ní, "Ta ló ráyè wọn béélì odidi?" Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wọn béélì odidi. Aṣọ tí wọ́n kó jọ sílẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, tí a bẹ̀rẹ̀ tí a fi ọwọ́ ara wa ṣà, ojú wa àti téèpù wa tó fún ìyẹn. Èyí tí à ń sọ ni fáàsì gíréèdì tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n so kọ́, tí wọ́n yà ní fọ́tò lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ dídùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ráyè lọ aṣọ ráyè wọ̀n ọ́n. Ibi mẹ́rin ni: àyà, ìbàdí, ìdí, gígùn. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe àyè ni wọn kò ní. Ohun tí wọn kò ní ni ìdí láti wọ̀n. Àwọn oníkátálọ́ọ̀gù Amẹ́ríkà wá ìlànà torí aṣọ tó padà ń dùn wọ́n. Ti àwọn wa kì í padà. "Kò sí ìdápadà" ti gbé gbogbo àdánù kúrò lórí wọn, ó ti gbé e lé wa lórí, ẹni tí nǹkan kò dùn kò sì ní wá oògùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi ní tán nípa bíbẹ̀ wọ́n. Ó máa tán bí àwa tí owó wà lọ́wọ́ wa bá kọ̀.

Òfin kò fi wá sílẹ̀ pátápátá. Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti 2018, tí wọ́n ń pè ní FCCPA, sọ pé bí oníbàárà bá ti sọ ohun pàtó tó ń fẹ́ fún olùtajà, tí ọjà tó dé kò sì bá ohun yẹn mu, ó lè dá a padà láìjẹ́ kó pẹ́, kó sì gba owó rẹ̀. Ẹ wo ibi tí agbára wà: "ohun pàtó". Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "mo fẹ́ 14", 14 ni wọ́n fún yín, ẹjọ́ ti tán. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "ìdí mi jẹ́ íǹṣì 41, aṣọ tí kò fà ni mo fẹ́, ṣé ó máa wọ̀ mí?", tí olùtajà sì kọ "bẹ́ẹ̀ ni", ọ̀rọ̀ ti yí padà. A mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbé gáùn òkìrìkà lọ sí kọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n olùtajà tó mọ̀ pé ìwé wà lọ́wọ́ yín á na téèpù kó tó dáhùn.

Ó kan àwa oníbàárà náà. Àwọn kan nínú wa kò fẹ́ mọ ìwọ̀n ìdí wọn, torí wọ́n ti gbà pé bí aṣọ 12 kò bá kọjá, ara wọn ló ṣẹ̀. Ara yín kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ní ilẹ̀ òkèèrè ló gé aṣọ sí ara obìnrin tí ẹ kò mọ̀, tó sì sọ ọ́ ní orúkọ tó máa mú owó wọlé. Téèpù kì í pọ́nni, kì í sì í búni. Ẹ ra ọ̀kan, ẹ wọn ara yín lónìí, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta náà sínú fóònù. Kí ẹ tún wọn aṣọ kan tó bá yín mu dáadáa ní títẹ́, ẹ kọ tirẹ̀ náà.

Ní Yúróòpù, ìlànà kan wà tó ń jẹ́ EN 13402. Ó fi yé àwọn tó ń ṣe aṣọ bí wọ́n ṣe lè ya àwòrán ara sórí lébẹ̀lì, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n ara tó wà fún ní sẹ̀ǹtímítà sí i. Kò di dandan níbẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì rọ̀ mọ́ nọ́ńbà àtijọ́ wọn. Torí náà a kò ní dúró dè wọ́n. Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ olùtajà ní Mówè, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀ kò ju ìlà kan lọ sábẹ́ àwòrán: "Ní títẹ́: àyà 20, ìbàdí 16 àbọ̀, ìdí 21 àbọ̀, gígùn 40. Kì í fà." Ẹni tó bá kọ ọ́, a ó rà lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bó bá fi díẹ̀ wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó bá ní "sáìsì 14 ni, kò sí ìdápadà", ká bi í léèrè, "14 kí ni?" Títí yóò fi dáhùn, kí owó wa ṣì wà lápò wa.